Ẹni mẹ́wàá kọ́ ló ń sọ sọ́fè di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, sà. Ọdún ìkẹyìn ni mo wà, ní Ọ̀yọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ tiransifà láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà ní Akẹ̀sán ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ àkọlé náà bíi sọ́fè, kí n tún kọ ọ́ bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí òun lè mú ọ̀kan. Mo ti ní ogún ìbéèrè nílẹ̀. Ṣé kí n pín in fún igba èèyàn, kí n sì kà á sétí ẹni mẹ́wàá fún ìkejì? Báwo ni mo ṣe máa fi fọ́múlà Yamane yan ẹni mẹ́wàá náà?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, sọ́fè méjì lo ṣe, ìkejì á sì kéré débi pé kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wá. Àwọn tó ń ta iṣẹ́ ìwádìí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ yín. Orí kẹta, èyí tó ń sọ bí a ṣe ṣe ìwádìí, kan ṣoṣo ni wọ́n ní nílẹ̀. Wọ́n á pa igba rẹ́, wọ́n á fi mẹ́wàá sí i, wọ́n á gbowó.

Iye èèyàn kọ́ ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí o fẹ́ mọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òun náà ni yóò sì sọ iye èèyàn tí o máa bá sọ̀rọ̀. Tiransifà láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà kò tíì di ìbéèrè rárá, orúkọ ọ̀rọ̀ lásán ni.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ di sọ́fè. Ohun tó ṣeé kà ni sọ́fè ń wá: mélòó ló ń ṣe é, kí ló sì ń bá a rìn. Nítorí náà, o lè kọ ọ́ báyìí: “Láàárín àwọn ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Akẹ̀sán, ṣé àwọn tí wọ́n ti fi aláàtì ayédèrú lù ní jìbìtì rí ń kọ̀ láti gba tiransifà ju àwọn tí kò ṣẹlẹ̀ sí lọ?” Ohun méjì péré ló wà níbẹ̀, méjèèjì ló sì ṣeé kà. Ṣùgbọ́n má bi ìyá pé “Ṣé ẹ máa ń gba tiransifà?” Á ní “nígbà mìíràn”, o ò sì ní rí nǹkan kan kọ. Béèrè pé: “Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé oníbàárà kankan ní òun fẹ́ ṣe tiransifà, tí ẹ sì ní rárá?” Fi àyè kẹta sílẹ̀ fún ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bá dábàá tiransifà fún. Bí kò bá sí àyè yẹn, wàá kà á mọ́ àwọn tó gbà, irọ́ sì ni.

Ibí yìí ni fọ́múlà rẹ wúlò:

```
n = N / (1 + N × e²)
```

n ni iye èèyàn tí o máa bi, N ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, e ni àṣìṣe tí o lè fara mọ́, 0.05 ni àwa sábà máa ń lò. Ká ní o ka ìsọ̀ èlò ọbẹ̀, ó sì jẹ́ 400. Á di 400 ÷ (1 + 400 × 0.0025), ìyẹn 400 ÷ 2, èyí tí í ṣe 200. Mú ìsọ̀ kan, fo ìkan, kí o ta kọ́bọ̀ sókè láti mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Fúnra rẹ ni kí o ka ìsọ̀ náà. Ọjà Akẹ̀sán jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún un kọ́, nítorí náà má gba ìwé orúkọ tí ẹnìkan ti kọ ṣáájú iná wá fi yan èèyàn. Bí ìyá kan kò bá sí nísọ̀, padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Má fi aládùúgbò rẹ̀ dípò. Ẹni tó máa ń wà nísọ̀ ní gbogbo ìgbà lè yàtọ̀ sí ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wà.

Ká wá ní (àpẹẹrẹ ni o, má lọ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ) gbogbo igba ìyá náà ni oníbàárà dábàá tiransifà fún. Nínú 80 tí wọ́n ti lù ní jìbìtì, 48 kọ̀ ọ́. Nínú 120 yòókù, 30 ló kọ̀ ọ́. Ìyẹn ni 60 nínú ọgọ́rùn-ún sí 25. O lè sọ pé jìbìtì àti kíkọ̀ ń rìn pọ̀. O ò lè sọ pé jìbìtì ló fà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó wà létí títì, tí àjèjì ń rajà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n ń lù jù, kó sì jẹ́ pé àjèjì yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ̀ fún, bóyá wọ́n ti lù wọ́n rí tàbí wọn ò lù wọ́n.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wá ńkọ́? Tirẹ̀ ni láti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀, àti ojú tí ìyá fi ń wò ó. Àkọlé á yí padà pátápátá: “Bí àwọn ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Akẹ̀sán ṣe ń pinnu ẹni tí wọ́n máa gba tiransifà lọ́wọ́ rẹ̀.” Jù ogún ìbéèrè yẹn nù. Márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni: “Mà, ẹ rántí ìgbà tó kẹ́yìn tí ẹnìkan ní òun fẹ́ ṣe tiransifà fún yín. Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.” Lẹ́yìn náà, panu mọ́. Bí ó bá dánu dúró, “Kí lẹ wá ṣe?” ti tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan béèrè báyìí lọ́wọ́ ìyá aláta kan. Ìyá kò tilẹ̀ dárúkọ jìbìtì. Ó ní fóònù ọkọ òun ni aláàtì ń wọ̀. “Owó tó bá wọ fóònù, tilé ni. Èyí tó bá wọ ìlábùrù mi ni tèmi.” Nínú ìwé ìbéèrè rẹ, ìyá yìí á kàn fàlà sí “Bẹ́ẹ̀ ni” níbi tí o ti bi í bóyá ó ní àkáǹtì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìwé ìbéèrè kò lè rí ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí kò ní fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ìdí nìyí tí Yamane kò fi ní iṣẹ́ kankan níbí. Wọ́n ṣe fọ́múlà yẹn kí o lè fi díẹ̀ díwọ̀n iye gbogbo wọn, o ò sì díwọ̀n ohunkóhun níbí. Ìyàtọ̀ ni kí o fi yan èèyàn: ìyá tí kì í gbà á rárá, èyí tó ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ nìkan, èyí tí ọmọ rẹ̀ ń di fóònù mú fún, èyí tí wọ́n ti lù rí. Máa bá a lọ títí tí ẹni tuntun kò fi ní mú ọ̀rọ̀ tuntun wá mọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2006, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn obìnrin ní Gánà àti Nàìjíríà, fi hàn pé láàárín ẹni 12 àkọ́kọ́ nínú 60 ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tuntun ti jáde tán. Àwọn obìnrin yẹn jọra wọn púpọ̀ ṣá o. Tìrẹ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ti ṣìnà, ṣí ọ̀rọ̀ tí o dà kọ sílẹ̀ láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Bí tìrẹ bá gùn ju ti ìyá lọ, sọ́fè lo ń ṣe. Bí o bá ti ń kọ “ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún”, nígbà tó jẹ́ pé ẹni méje nínú mẹ́wàá ni, pa á rẹ́.

Ẹ̀ka yín lè ní òfin tirẹ̀ lórí iye èèyàn. Òfin yẹn ni kí o tẹ̀lé, má lọ sọ fún olùkọ́ rẹ pé èmi ni mo ní kí o má tẹ̀ lé e. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyálọ́jà àti ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Béèrè lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan kí o tó tan ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Má kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bí ìyá fúnra rẹ̀ bá tilẹ̀ kà á jáde.