Bí a ṣe ń to àbùkù áàpù, tí a sì ń pín in láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àwa mẹ́rin la ń kọ áàpù ìsanwó kan, GitHub la fi ń tọ́jú iṣẹ́ wa. Gbogbo ẹni tó bá mú ẹjọ́ àbùkù wá ló ń sọ pé tòun ló le jù. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tó mọ apá owó ni gbogbo rẹ̀ sì ń já lé lórí. Báwo lẹ ṣe ń tò ó, báwo lẹ sì ṣe ń pín in?*

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó mú ẹjọ́ wá fúnra rẹ̀ pinnu bó ṣe le tó. Ohun tó rí ni kó sọ: fóònù wo, ẹ̀dà áàpù wo, ohun tó tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó ń retí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi nǹkan márùn-ún yìí sínú fọ́ọ̀mù ìròyìn yín, kí ẹ sì yọ ibi tí wọ́n ti ń yan “ó le gan-an” kúrò. Tí ibẹ̀ bá ṣì wà, kò ní pẹ́ tí gbogbo ìròyìn á fi di èyí tó le jù, torí àwọn èèyàn á ti rí i pé èyí tí kò le kì í tètè rí ìdáhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè méjì ló kù, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé, tí àbùkù yìí bá bá èèyàn, kí ló ń bà jẹ́, ṣé ọ̀nà mìíràn sì wà tí onítọ̀hún lè gbà? Ìyẹn ni ìbàjẹ́, ẹni tó mọ kóòdù ló ń dá a lóhùn. Èkejì ni pé, ìgbà wo ló yẹ ká tún un ṣe? Ìyẹn ni ìkánjú, ẹni tó ń darí iṣẹ́ ló ń dá a lóhùn. Ìbàjẹ́ kì í yí padà àyàfi tí a bá rí ohun tuntun nípa àbùkù náà. Ìkánjú lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìwọ̀n tí àwọn Mozilla ń lò fún Firefox dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti ìbàjẹ́, S1 ni èyí tó ń pa dátà èèyàn run tàbí tó ń dá iṣẹ́ dúró, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn. S2 ni pé ohun pàtàkì kan bàjẹ́ gan-an, ọ̀nà tó tẹ́ni lọ́rùn kò sì sí. S3 ni èyí tí ọ̀nà àbùjá wà fún, S4 sì ni ti ojú lásán. Ní ti ìkánjú, P1 dúró fún ẹ̀dà tí a ń ṣe lọ́wọ́, P2 fún èyí tó tẹ̀ lé e, P3 fún ìgbà tí àyè bá yọ. Ẹni mẹ́rin kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká wá sọ pé ìròyìn márùn-ún dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹnì kan ní òun tẹ “Sanwó” lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, owó òun sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó lẹ àmì kankan mọ́ ọn. Fóònù inú kọ̀ǹpútà ti Android lè ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára:

```
emulator -avd NAME -netspeed edge -netdelay edge
```

Tí owó bá lọ lẹ́ẹ̀mejì lójú yín, S1 àti P1 ni. Ẹni tó ń ṣètò kò gbọ́dọ̀ máa wá ìdí rẹ̀ kiri o. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni kó fi wò ó, kó kọ ohun tó rí, kó sì kọjá sí èyí tó kàn.

Ìròyìn kejì sọ pé, “Owó mi lọ lẹ́ẹ̀mejì lánàá.” Ọ̀pọ̀ á ti pa á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àbùkù ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ wo àkókò tí owó méjèèjì lọ. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló wà láàárín wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan náà. Tó bá jẹ́ wákàtí mélòó kan, kì í ṣe ìka èèyàn ló ṣe é, ó jọ pé iṣẹ́ kan tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí sáfà ló tún ara rẹ̀ ṣe. Ìyẹn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ìkẹta, áàpù ń kú lórí fóònù àtijọ́ tí wọ́n bá ṣí àkọsílẹ̀ owó ọdún kan gbáko. S2 ni, nítorí ẹni tó bá bá kò rí ọ̀nà gbé e gbà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ oṣù kẹta la wà, tí ìparí ọdún nìkan làwọn èèyàn ń ṣí i, P3 tó o. Kó tó di oṣù kọkànlá kó ti gòkè. Ìkẹrin, wọ́n ṣi orúkọ ilé iṣẹ́ yín kọ lórí rìsíìtì. S4 ni, kò ba nǹkan kan jẹ́, síbẹ̀ P1 ni mo máa fún un: ẹni tó bá rí orúkọ tí wọ́n ṣì kọ lórí rìsíìtì owó á rò pé àwọn gbájúẹ̀ ni, títún un ṣe kò sì gba àkókò. Ìkarùn-ún ní, “Áàpù yín ò ṣiṣẹ́.” Ẹ má fún un ní S kankan. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó ṣe gúnmọ́, ẹ lẹ `needs-info` mọ́ ọn, tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ tì í, kí ẹ sì sọ fún un pé ó lè tún un ṣí.

Wàyí o, pínpín. Ẹ wo S1 yẹn dáadáa, iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni pé kí bọ́tìnnì kú lẹ́yìn títẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni nínú yín lè ṣe ìyẹn lónìí. Èkejì ni pé kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí sáfà á fi dá a mọ̀, nítorí áàpù fúnra rẹ̀ lè tún ìbéèrè kan náà rán tí èsì bá pẹ́. Ìyẹn ni ti ẹni tó mọ apá owó. Tí ẹ bá parí ti bọ́tìnnì nìkan, tí ẹ wá ti ìròyìn náà, ẹjọ́ ọ̀hún á padà wá. Ẹ ṣí nọ́ńbà méjì fún wọn.

Ẹni tó bá gba P1 gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ kọ ohun tó gbé sílẹ̀ àti ẹni tó gbà á. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù lẹ kàn ń dì lé e lórí. Ní ti S2 àti S3 apá owó, ẹ fún ẹlòmíì ṣe, kí ọ̀gá apá owó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Á kọ́kọ́ falẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọ̀nà tí ẹni kejì fi ń mọ̀ ọ́n. Ní ti P3, ẹ má pín in fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ mú un. Tí ẹ bá so orúkọ mọ́ ọn, yóò dà bíi pé ẹnì kan ń ṣe é, nígbà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má sì ka iye nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ sọ pé ẹ ti pín in dọ́gba. S1 kan lè gba ọjọ́ mẹ́ta, S4 mẹ́fà lè tán láàárọ̀ kan. Ẹ béèrè iye ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣe é, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in.

Ohun kan tó máa ń rẹ́ni jẹ ni kí wọ́n wo orúkọ tó wà lára ìlà kóòdù, kí wọ́n sì ju àbùkù náà lé onítọ̀hún lórí. Ó lè jẹ́ àlàfo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan ló tún ṣe. Ẹ fi èyí wò ó, kò ní ka irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sí:

```
git blame -w -C src/payment.js
```

Ẹ máa gba iṣẹ́ ṣíṣètò yìí fún ara yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò sì ní gba P2 kankan lọ́sẹ̀ náà. Láràárọ̀, kó lo àwọn ìwákiri méjì yìí. Ti òkè ń kó àwọn tí kò tíì ní S jáde, ti ìsàlẹ̀ sì ń kó P1 tí a kò tíì yàn fún ẹnikẹ́ni:

```
is:issue is:open -label:S1 -label:S2 -label:S3 -label:S4
is:issue is:open label:P1 no:assignee
```

Tí P1 tó wà nílẹ̀ bá ju ẹ̀yin mẹ́rin lọ, ìkánjú yín ti bàjẹ́. Ẹ mú èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ sọ ọ́ di P2 níwájú gbogbo yín, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ ìròyìn náà kí ẹni tó mú un wá lè rí i.