Apá kan ṣoṣo ni kó o dì mú: bí a ṣe ń fi ìdọ́gba tirigonọ́mẹ́tírì hàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. SS3 ni mo wà níbí l'Óṣogbo, Wáẹ̀kì ò sì ní pẹ́ dé. Tí wọ́n bá ní ká fi hàn pé

cos x/(1 + sin x) + (1 + sin x)/cos x = 2 sec x

mo máa ń gbé nǹkan láti òsì sí ọ̀tún, láti ọ̀tún sí òsì, títí màá fi rí 1 = 1. Olùkọ́ wa ní kò sí máàkì fún un. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ojú kan náà ni màá máa yí po. Níbo ló yẹ kí n ti máa bẹ̀rẹ̀, sà? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òkè-Baálẹ̀)

Ìdáhùn: Olùkọ́ yín ò ṣìkà. Ní gbàrà tó o bá ti gbé nǹkan kọjá àmì ìdọ́gba, o ti gbà pé apá méjèèjì dọ́gba nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ní kó o fi hàn gan-an nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ júwe bí èèyàn ṣe ń ti Òkè-Baálẹ̀ dé Ọjà Ọba kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látorí pé òun ti wà l'Ọ́jà Ọba. Má sì rò pé òfin ìwé kíkọ lásán ni. Ọ̀nà tó ò ń gbà yẹn lè sọ irọ́ di òótọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Wo èyí:

sin x = √(1 − cos² x)

Sọ apá kọ̀ọ̀kan di sikúwéà, wàá rí sin² x = 1 − cos² x. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Wàyí o, fi 210° sípò x nínú èyí tá a fi bẹ̀rẹ̀: òsì á fún ọ ní −0.5, ọ̀tún á fún ọ ní 0.5. Irọ́ la fi bẹ̀rẹ̀, òótọ́ la fi parí. Ìdí nìyẹn tí 1 = 1 tó wà nísàlẹ̀ ìwé rẹ kò fi lè jẹ́rìí sí ohun tó wà lókè.

Apá kan ṣoṣo ni kó o mú, kó o máa tún un kọ títí á fi di èkejì. Apá tó díjú jù ni kó o mú. Nínú ìbéèrè rẹ, òsì ni, torí ìdá méjì ló wà níbẹ̀, a sì mọ ohun tí à ń fi ìdá méjì ṣe: à ń pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ 2 sec x, kí ló máa sọ fún ọ pé kó o là á sí irú ìdá méjì bẹ́ẹ̀?

Kó o tó kọ ohunkóhun, wo ibi tí ò ń lọ. sec x kò ju 1/cos x lọ, nítorí náà 2/cos x ni à ń wá. Kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ìlà kékeré yẹn ti sọ ohun ńlá kan fún ọ: cos x ni kó kù nísàlẹ̀, 1 + sin x gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní tú àkámọ́ ìsàlẹ̀. Èmi gbà pé ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí po: wọ́n á tú ìsàlẹ̀ sí cos x + cos x sin x, ohun tó yẹ kí wọ́n pa rẹ́ á wá fara sin sí wọn lójú.

Ó yá, ká pa ìdá méjèèjì pọ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ìdá àkọ́kọ́, a fi cos x sọ wọ́n di púpọ̀. Ti ìkejì, 1 + sin x la ó lò:

[cos² x + (1 + sin x)²] / [cos x (1 + sin x)]

Òkè nìkan ni kó o tú:

[cos² x + 1 + 2 sin x + sin² x] / [cos x (1 + sin x)]

cos² x àti sin² x fún wa ní 1. Òkè wá di 2 + 2 sin x, ìyẹn 2(1 + sin x). Àkámọ́ òkè pa ti ìsàlẹ̀ rẹ́, ó ku 2/cos x, tí í ṣe 2 sec x. Ó parí.

O lè béèrè pé tí 1 + sin x bá jẹ́ òdo ńkọ́, ṣé a ṣì lè pa á rẹ́? Tó bá jẹ́ òdo, bíi ní 270°, cos x náà á jẹ́ òdo, ìbéèrè fúnra rẹ̀ ò sì nítumọ̀ níbẹ̀. Ibi tí apá méjèèjì bá ti nítumọ̀ nìkan là ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí èèyàn kọ (1 + sin x)² bíi 1 + sin² x, kí 2 sin x tó wà láàárín wá sọ nù. Òkè á di 2 péré, gbogbo rẹ̀ á sì dúró sórí 2/[cos x (1 + sin x)]. Bí àkámọ́ tó o mọ̀ pé ó yẹ kó lọ bá kọ̀ tí kò lọ, má ṣe máa wá òfin tuntun kiri. Padà lọ wo ibi tó o ti tú sikúwéà.

Ìbéèrè rẹ ti wà ní sáìnì àti kósáìnì látilẹ̀. Tí tan, cot tàbí cosec bá wà níbẹ̀, kọ́kọ́ yí wọn padà, lẹ́yìn náà kó o pa ìdá pọ̀: tan x + cot x á di sin x/cos x + cos x/sin x, ìyẹn 1/(sin x cos x). Àmọ́ má ṣe é bí ẹni ń sáré. Tó o bá rí sec⁴ x − tan⁴ x, ìyàtọ̀ sikúwéà méjì ni, (sec² x − tan² x)(sec² x + tan² x), àkámọ́ àkọ́kọ́ sì jẹ́ 1. Ẹni tó bá sáré yí i sí sáìnì àti kósáìnì á ṣiṣẹ́ gígùn tí kò pọn dandan.

Tó bá jẹ́ ìdá kan ṣoṣo ló wà, bíi kí wọ́n ní kó o fi hàn pé cos x/(1 − sin x) = (1 + sin x)/cos x, kò sí ohun tó o fẹ́ pa pọ̀. Fi 1 + sin x sọ òkè àti ìsàlẹ̀ apá òsì di púpọ̀. Ìsàlẹ̀ á di 1 − sin² x, tí í ṣe cos² x, cos x kan á sì bá ti òkè lọ. Má ṣe sọ ọ́ di púpọ̀ ní àgbélébùú láti apá kan sí èkejì, torí àmì ìdọ́gba lo tún kọjá yẹn.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kó o máa ṣe nínú ìwé àjákọ, kì í ṣe nínú ìwé ìdáhùn. Fi 30° sí ìbéèrè náà: òsì jẹ́ 0.577 + 1.732, ìyẹn 2.309, ọ̀tún náà jẹ́ 2.309. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí, torí 30° yege nínú ìdọ́gba irọ́ tó wà lókè yẹn náà. Ohun tó wúlò fún ni wíwá ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Fi í sí ìlà tí 2 sin x ti sọ nù, wàá rí 1.54. Ìlà tó ṣáájú rẹ̀ ṣì ń fún ọ ní 2.309, nítorí náà àárín ìlà méjèèjì yẹn ni àṣìṣe wà. Má lo 45° o, torí sáìnì àti kósáìnì dọ́gba níbẹ̀. Tó o bá kọ ọ̀kan dípò èkejì, kò ní hàn.