Market, Limit àti Stop: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ìpín tẹ̀?

“Ẹ̀yin ará, òkè òkun ni mo wà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di oníbàárà alágbàtà ìpín kan nílé. Ìpín 2,000 ni mo fẹ́ rà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń bi mí bóyá Market, Limit tàbí Stop ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n tẹ̀?”

Limit ni kí ẹ tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ tó wà lábẹ́ orúkọ ìpín náà, níbi tí wọ́n ti to iye tí àwọn olùrà fẹ́ san sí apá kan, tí wọ́n sì to iye tí àwọn olùtà ń béèrè sí apá kejì, pẹ̀lú iye ìpín tí oníkálukú mú wá. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè jẹ́ ti òwò tó kẹ́yìn. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ṣì ń tà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òwò tó kẹ́yìn wáyé ní náírà 25, tí olùtà àkọ́kọ́ sì ní ìpín 300 tí ó ń béèrè 25.10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kejì ní 500 ní 25.60, tí ẹnì kẹta sì ní 1,200 ní 27. Bí ẹ bá tẹ Market, ohun tí ẹ sọ fún ọjà ni pé ẹ fẹ́ ìpín 2,000 lójú ẹsẹ̀, iye yòówù kí ó jẹ́. Ẹ̀rọ yóò kó ti ẹni àkọ́kọ́ tán, yóò kó ti ẹnì kejì, yóò sì fi ti ẹnì kẹta kún un. Gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ náírà 52,730, láìka owó iṣẹ́ alágbàtà mọ́ ọn, nígbà tí ẹ̀yin ti ṣírò 50,000 lọ́kàn yín. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀yin lẹ fún wọn láṣẹ láti gun àkàbà náà dé òkè.

Bí ẹ bá fi Limit sí 25.60, ẹ̀rọ kò ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín 800 yóò wọlé fún yín lójú ẹsẹ̀ ní náírà 20,330, 1,200 tó kù yóò sì dúró lórí àtẹ títí olùtà mìíràn yóò fi gbà láti tà á ní 25.60 tàbí kí ó dín. Ó lè má rí olùtà rárá. Èyí tó tún burú jù ni pé àṣẹ tó ń dúró lè ṣẹ ní àkókò tí ẹ kò fẹ́: bí ìròyìn burúkú bá jáde nípa ilé iṣẹ́ náà nígbà tí ẹ̀yin ń sùn lọ́hùn-ún, àwọn tó ń sá jáde yóò da ìpín wọn lé yín lórí ní 25.60, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yan Day, èyí tó ń parẹ́ nígbà tí ọjà bá pa, dípò GTC tó máa ń dúró pẹ́.

Stop yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, nítorí pé ó ń sùn títí iye ìpín yóò fi dé ibi tí ẹ sàmì sí. Ẹni tó ti ra ìpín lè fi Stop sí 22 kí àdánù má baà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé 22 náà ni wọn yóò gbà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jí, àṣẹ Market ló dà. Bí ọjà bá pa ní 23 lánàá, tí ó sì ṣí ní 21 lónìí, nǹkan bí 21 ni wọn yóò tà á fún yín. Stop Limit, èyí tó ń di àṣẹ Limit nígbà tó bá jí, lè kọ̀ láti tà á ní iye tó kéré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà ìpín yóò ṣì wà lọ́wọ́ yín bó ti ń já wálẹ̀. Lórí ìpín tí òwò rẹ̀ kò pọ̀, òwò kékeré kan péré lè jí Stop yín, kí iye náà sì padà sókè kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi kò ní gba ẹni tó ń ra ìpín fún ọdún púpọ̀ nímọ̀ràn láti lò ó.

Èmi náà ti tẹ Market rí kí ọjà tó ṣí, mo sì sùn lọ. Ohun tí mo san nígbà tí mo jí kọjá ohun tí mo rò. Market kò burú bí ìpín tí ẹ fẹ́ bá kéré, tí ọjà ti ṣí dáadáa, tí iye olùrà àti ti olùtà kò sì jìnnà síra, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òwò yóò ṣẹ. Fún 2,000 tiyín, ẹ fi Limit sí 25.60, kí ẹ yan Day. Lẹ́yìn tí ọjà bá pa, ẹ wo iye ìpín tó wọlé, kí ẹ sì tún àtẹ wò lọ́jọ́ kejì kí ẹ tó pinnu iye tí ẹ ó fi lé èyí tó kù.