mgh tó gbè mí lẹ́ẹ̀kan, tó já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì

“Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, wọ́n fún wa ní pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.42 × 10²³ kg, tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 3390 km. Wọ́n ní ká wá eré tí a máa fi ju òkò tí kò fi ní padà wálẹ̀ mọ́ láéláé. Mo fẹ́ lo mgh, àmọ́ mi ò mọ ohun tí màá fi sí ipò h. Ọ̀rẹ́ mi ní òun rí 159 km/s. Kí ló sì dé tí àmì ìyọkúrò fi wà níwájú agbára ìpamọ́ nínú ìwé?”

Àbúrò mi, ibi tí o dúró sí yẹn ni èmi náà dúró sí nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, tí mo ń gbé yàrá kan ní Adéníkẹ, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fún wa ní irú ìbéèrè yìí gan-an nínú ìdánwò kékeré. mgh nìkan ni mo mọ̀, ìyẹn agbára ìpamọ́ tí a ń rí tí a bá fi ìwọ̀n m lọ́po g, bí òòfà ṣe lágbára tó, tí a sì fi gíga h lọ́po rẹ̀. Mo wo ìbéèrè náà títí, mi ò rí gíga kankan níbẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jọ gíga lójú mi ni rédíọ́ọ̀sì, ni mo bá mú un, mo fi sí ipò h. Ìdáhùn náà bọ́ sí i gẹ́ẹ́. Wọ́n fún mi ní máàkì kíkún, mo sì gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Máàkì yẹn ló kó bá mi. Nígbà tí ìdánwò ńlá dé, wọ́n ní wọ́n ju òkò sókè láti orí pílánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, tó ń sá eré 4000 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n ní ká sọ bó ṣe máa ga tó kó tó máa padà bọ̀. Mo tún gbé mgh mi jáde. Mo rí kìlómítà 2147. Òdo ni wọ́n fún mi. Káríófà kọ́ọ̀sì yẹn ni mo gbé wọ ọdún kejì, owó ilé tí mo san nítorí rẹ̀ ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ọgbà wa ló là mí lójú lẹ́bàá kànga nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó bi mí pé tí mo bá ju òkò sí máńgòrò, ṣé òòfà tó ń fa òkò náà ní ìdí igi àti èyí tó ń fà á ní ṣóńṣó igi dọ́gba? Mo ní wọ́n dọ́gba. Ó ní òótọ́ ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí lọ, ìdí nìyẹn tí mgh fi ń ṣiṣẹ́ fún igi máńgòrò, fún òrùlé ilé, fún òkè tó ga pàápàá. Ó wá ní tí òkò náà bá lọ sókè tó fi jẹ́ pé bó ṣe jìn sí ilẹ̀ ti tó rédíọ́ọ̀sì pílánẹ́ẹ̀tì náà, ńkọ́? Níbẹ̀, òkò ti jìn sí àárín pílánẹ́ẹ̀tì ní ìlọ́po méjì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òòfà sì máa ń dín kù ní ìlọ́po ìlọ́po: tí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, òòfà di ìdá mẹ́rin, tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, òòfà di ìdá mẹ́sàn-án. Ní ilé ayé wa, g tó jẹ́ 9.8 lórí ilẹ̀ máa ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 2.45 níbẹ̀. mgh kò mọ èyí. Ó gbà pé 9.8 ni g yóò máa jẹ́ lọ títí ayé.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí a ní láti ṣe láti gbé òkò kúrò pátápátá kì í ṣe g kan ṣoṣo tí a lọ́po. A ní láti ṣírò iṣẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, kí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti orí ilẹ̀ lọ sí ibi tí kò lópin. Ìwọ yóò rò pé ọ̀nà tí kò lópin gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ tí kò lópin. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé mítà kọ̀ọ̀kan tó kù níwájú rọrùn ju èyí tó wà lẹ́yìn lọ, ó sì ń rọrùn lọ kíákíá. Tí G bá jẹ́ nọ́ńbà òòfà tí kì í yí padà, tí M jẹ́ ìwọ̀n pílánẹ́ẹ̀tì, tí m jẹ́ ìwọ̀n òkò, tí R sì jẹ́ rédíọ́ọ̀sì, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́:

```
GMm/R
```

Ẹ̀gbọ́n wá fi hàn mí ohun tó ti tàn mí jẹ. Níwọ̀n bí g orí ilẹ̀ ti jẹ́ GM/R², mgR àti GMm/R jẹ́ ohun kan náà. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí ń gbé òkò lọ títí láé dọ́gba gẹ́lẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ tí ìbá gbé e sókè ní gíga rédíọ́ọ̀sì kan, ká ní òòfà kì í dín kù. Ìdí nìyẹn tí R tí mo fi sí ipò h fi bọ́ sí i. Mo ṣe kòńgẹ́ ni. Lórí ìbéèrè mìíràn gbogbo, kòńgẹ́ yẹn kò sí.

Ní ti àmì ìyọkúrò, fi ojú gbèsè wò ó. A gbà pé ẹni tó bá ti lọ jìnnà pátápátá sí pílánẹ́ẹ̀tì kò jẹ gbèsè, kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́: òdo ni. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ jẹ gbèsè iṣẹ́ tí yóò ṣe kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà agbára ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ −GMm/R. Agbára eré, ½mv², níbi tí v ti jẹ́ eré òkò, ni owó tó wà lápò rẹ̀. Ro méjèèjì pọ̀. Tí àròpọ̀ náà bá ṣì ní àmì ìyọkúrò, owó kò tó gbèsè, òkò máa padà wálẹ̀. Tó bá jẹ́ òdo gẹ́lẹ́, ó san gbèsè tán láìṣẹ́ku, ó jáde. Eré yẹn ni à ń wá, mo máa ń pè é ní ìyára àjàbọ́:

```
½mv² − GMm/R = 0
v = √(2GM/R)
```

O rí i pé m ti kúrò. Òkò tàbí ọkọ̀ ńlá, eré kan náà ni. Apá tí o kọjú sí nígbà tí o ń jù ú kò ṣe pàtàkì pẹ̀lú, bí kò bá ṣáà ti forí sọ ilẹ̀.

Ó yá, ká ṣe tìrẹ. Àwọn nọ́ńbà yẹn jọ ti Máàsì. Kọ́kọ́ sọ rédíọ́ọ̀sì di mítà: 3.39 × 10⁶. G jẹ́ 6.67 × 10⁻¹¹. Má tíì fọwọ́ kan fọ́múlà ìyára. Ṣírò GM ná, kí o kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o máa tún nílò rẹ̀.

```
GM   = 6.67×10⁻¹¹ × 6.42×10²³ = 4.282×10¹³
GM/R = 4.282×10¹³ ÷ 3.39×10⁶ = 1.263×10⁷
v    = √(2 × 1.263×10⁷) = 5026 m/s
```

Nọ́ńbà àárín yẹn, 1.263 × 10⁷, ni gbèsè tó wà lọ́rùn kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, ní júùlù. Ìdáhùn rẹ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5.03 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ilé ayé jẹ́ 11.2, ti òṣùpá jẹ́ nǹkan bíi 2.4, nítorí náà tìrẹ wà níbi tó yẹ kó wà.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò yí kìlómítà padà sí mítà. 3390 ló fi pín, ìdáhùn rẹ̀ sì fi ìlọ́po 31.6 tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣìṣe yẹn rọrùn láti mọ̀, torí pé 159 pariwo fúnra rẹ̀. Èyí tó burú ni èyí tí kì í pariwo. Tó o bá rí 3554 mítà, ó jọ òótọ́, àmọ́ ọ̀nà méjì ló ń mú un wá: ó lè jẹ́ pé o gbàgbé 2 nínú fọ́múlà, ó sì lè jẹ́ pé dáyámítà ni wọ́n fún ọ tí o lò ó bí ẹni pé rédíọ́ọ̀sì ni. Nọ́ńbà kan náà ni méjèèjì ń bí. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ ṣírò GM/R². Níbí ó jẹ́ 3.73, èyí tó bá g Máàsì mu. Tó o bá lo dáyámítà, wàá rí 0.93. Tí g bá jẹ́ 3.73 tí ìyára sì jẹ́ 3554, 2 lo gbàgbé. Eré 3554 yẹn kì í ṣe asán o: òun ni eré tí nǹkan fi lè máa yí Máàsì po ní ìtòsí ilẹ̀ rẹ̀ láìjábọ́. Àmọ́ kò tó láti jáde.

Ká padà sí ìbéèrè tó gbé mi ṣubú, torí wọ́n lè fún ọ ní irú rẹ̀. Eré 4000. Owó àpò kìlógíráàmù kan jẹ́ ½ × 4000², ìyẹn 8 × 10⁶. Gbèsè rẹ̀ jẹ́ 12.63 × 10⁶. Ó ṣẹ́ ku −4.63 × 10⁶. Níbi tí òkò ti dúró kó tó yí padà, eré rẹ̀ ti tán, nítorí náà gbogbo ohun tó kù jẹ́ agbára ìpamọ́ nìkan:

```
−GM/r = −4.63×10⁶
r = 4.282×10¹³ ÷ 4.63×10⁶ ≈ 9.25×10⁶ m
```

Ṣọ́ra níbí. r yẹn ni jíjìn sí àárín pílánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe sí ilẹ̀. Yọ rédíọ́ọ̀sì kúrò, gíga náà máa jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5855, èyí tó ju ìlọ́po méjì àbọ̀ 2147 tèmi lọ. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì lẹ́bàá Tákìé máa ń ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, wọn á wá gbàgbé ìyọkúrò ìkẹyìn yìí.

Gbogbo èyí wà fún òkò tí a jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́wọ́, tí pílánẹ́ẹ̀tì náà sì dá wà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jó epo lọ kò nílò eré yẹn lórí ilẹ̀; díẹ̀díẹ̀ ló ń san gbèsè tirẹ̀.

Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yé ọ, gbìyànjú eré 5000 lórí pílánẹ́ẹ̀tì rẹ yìí. Mítà 26 péré ló fi dín sí ìyára àjàbọ́. mgh máa ní ó lọ sókè ní kìlómítà 3355. Àmọ́ tó o bá fi ọ̀nà gbèsè ṣe é, tí o kò sì gé nọ́ńbà kúrú jù kí o tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, wàá rí i pé òkò náà lọ títí dé nǹkan bíi kìlómítà 325,000 sí àárín pílánẹ́ẹ̀tì, ó dúró níbẹ̀, ó sì ṣẹ́rí padà.