Òfin L'Hôpital ń yí mi po

Ẹ jọ̀ọ́, Ìkòròdú ni mo ti ń múra ìdánwò. Mo lo òfin L'Hôpital fún √(x²+1)/x bí x ṣe ń lọ sí +∞, ó kàn ń yí mi po. Ṣé mo ṣì í lò ni?

Rárá o, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń lọ sí ∞, òfin náà gbà ọ́ láyè. Àmọ́ dẹrifétíìfù òkè lórí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ x/√(x²+1), ìdá àkọ́kọ́ tí a dojú rẹ̀ dé. Tún un ṣe, wàá bá ara rẹ níbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Fi x pín òkè àti ìsàlẹ̀: √(1+1/x²), límíìtì rẹ̀ jẹ́ 1.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jù ni (x+sin x)/x, bí x ṣe ń lọ sí +∞ bákan náà. Dẹrifétíìfù fún wa ní 1+cos x, tí kì í dúró lójú kan. Má tìtorí ẹ̀ kọ ọ́ pé límíìtì kò sí; sin x/x ń lọ sí 0, ìdáhùn ṣì jẹ́ 1.