Oúnjẹ, kíríátíìnì àbí purotéènì oníyẹ̀fun: èwo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rà?

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí ní Ìbàdàn, kílò 60 ni mo wọ̀n. Mo ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ra kíríátíìnì kí n tó ra purotéènì oníyẹ̀fun, àbí kí n fi owó náà jẹun?

Ìdáhùn: Oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí. Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ ti ń jẹun dáadáa, kíríátíìnì, èròjà tó ń fún iṣan lókun láti gbé nǹkan wúwo, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi purotéènì oníyẹ̀fun sílẹ̀. Purotéènì inú ike yẹn, tó jẹ́ pé láti ara wàrà màlúù ni wọ́n ti sábà máa ń yọ ọ́, kò ṣe iṣẹ́ kankan tí ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja kò lè ṣe. Gíráàmù 25 tó wà nínú òṣùwọ̀n kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti ẹyin mẹ́rin lọ. Kíríátíìnì náà wà nínú ẹran àti ẹja, ara wa sì ń ṣe díẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ láti inú ẹran nìkan yóò jẹ tó bíi kílò kan, apá akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè ká ìyẹn.

Ẹni tó ń gbé irin nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.6 purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 96 fún yín lójúmọ́. Ẹni tó mu gàrí láàárọ̀, tó jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran kékeré kan lọ́sàn-án, tó tún fi ẹ̀bà sùn, lè má rí ìdajì rẹ̀. Gàrí kò burú, nítorí okun ló ń fúnni, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀wà gíráàmù 150, tí a wọ̀n kí a tó sè é, yóò mú bíi 33 wá. Ẹyin mẹ́ta yóò mú 18, ẹja tútù gíráàmù 150 yóò mú bíi 28, ẹ̀pà gíráàmù 50 yóò sì mú bíi 12. Ó ti di 91 nìyẹn, ìrẹsì àti búrẹ́dì yóò sì dí èyí tó kù.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra kíríátíìnì, ẹ ra èyí tí wọn kò lú mọ́ nǹkan mìíràn, kí ẹ máa lo gíráàmù 3 lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ẹ kò gbé irin. Ike gíráàmù 300 yóò tó yín lò fún ọjọ́ 100. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó kún inú iṣan, nítorí náà ẹni tó bá lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì tó sì dáwọ́ dúró ti fi owó ṣòfò. Kílò kan tàbí méjì lè gùn yín lára níbẹ̀rẹ̀, omi inú iṣan ni, kì í ṣe ẹran ara tuntun. Bí irin tí ẹ ń gbé kò bá wúwo sí i, tí ìwọ̀n ara yín náà sì dúró sójú kan lẹ́yìn èyí, oúnjẹ ni ẹ kò tíì jẹ tó.

Ẹni tó bá ní àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ lo kíríátíìnì láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń lò ó, torí ó lè mú kí èsì àyẹ̀wò kíndìnrín ga sókè bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíndìnrín náà dá ṣáṣá.