Láptọ́ọ̀pù orí ọ̀kadà: íǹjì ló kọ́kọ́ ń kú

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, tíṣà ni mí, ojoojúmọ́ ni mò ń gun ọ̀kadà láti Kàbà lọ sí Ìyàrà, láptọ́ọ̀pù wà nínú bààgì ẹ̀yìn mi. Ṣé ínṣì 15.6 ni kí n rà àbí 14? Ejìká ti ń dùn mí."

Ọ̀kun o, tíṣà. 14 ni kẹ́ ẹ rà, ọ̀rọ̀ ìyẹn ò pẹ́ rárá. 15.6 tí mo lò jẹ́ kílò 2.2, ṣájà ẹ̀ pẹ̀lú wáyà súnmọ́ ìdajì kílò, ìyẹn 2.7 kí n tó ki ìwé àti omi bọ̀ ọ́. 14 tí mò ń lò báyìí jẹ́ kílò kan ààbọ̀, tòun ti ṣájà ò ju 1.8 lọ. Ohun tó fi yàtọ̀ súnmọ́ omi lítà kan, tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ èjìká lọ tẹ́ ẹ tún máa gbé bọ̀. Àwọn tó ń tà á kì í ka ṣájà mọ́ ọn ṣá, ẹ ní kí wọ́n gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe wíwúwo ló fojú mi rí màbo, íǹjì ni, irin tó so ideri mọ́ ìdí. Mọpà sí Ìsánlú ni tèmi, lójoojúmọ́, mo sì máa ń ki bààgì sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, gbogbo ihò tá a bá bọ́ sí, ẹ̀yìn bàbá yẹn ń tẹ ideri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí i, mo gbọ́ "kẹ́!", igun òsì là díẹ̀, èékánná lè wọ ibẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà, mo tún ń ṣí i ń pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Mo wá gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní enjiníà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ká fọ́máàtì ẹ̀! Nǹkan tó là! Nígbà tó yá ó da súpà gúlùù sí i, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, ọjọ́ kẹta ó ya pátápátá, gúlùù ti ṣàn wọnú íǹjì, ó ti gan, bí mo ṣe fagbára ṣí i ló fa wáyà sìkírìnì já, ojú ẹ̀ funfun báláú. Lọ́kọ́ja ni mo ti rí ẹni tó tú u fún mi wò. Sikúrù íǹjì wọnú nọ́ọ̀tì ide kékeré, ike lásán ni wọ́n sì ri nọ́ọ̀tì ọ̀hún mọ́. Íǹjì fúnra ẹ̀ ò ṣẹ́ o, ike ló fọ́, nọ́ọ̀tì fà yọ tòun ti ike lára. Gúlùù ò lè mú ìyẹn dúró. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé igun là, ẹ má ṣí i mọ́, kí wọ́n dẹ íǹjì, kí wọ́n pààrọ̀ ike ibẹ̀, tàbí kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù oníbejì tí wọ́n ń pò pọ̀ mọ nọ́ọ̀tì náà padà.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ di àárín ideri mú, kì í ṣe igun, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ igun méjèèjì. Tó bá dún tàbí tó là, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tan án, ẹ rọra fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn ideri, tí àwọ̀ bá ń rú lójú sìkírìnì, ìwé inú bààgì yín náà á máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ wá, irú ThinkPad T480 ti Lenovo, Latitude 7490 ti Dell àbí EliteBook 840 G5 ti HP, 2018 ni wọ́n jáde, 14 ni gbogbo wọn. T480 tó bá ru bátìrì ńlá á wúwo díẹ̀ sí i. Èmi ò tún ra ike olówó pọ́ọ́kú tó ń dán mọ́.

Ẹ gbé tòkunbọ̀ yẹn sórí tábìlì tó tẹ́jú o. Tó bá ń mì tàbí tí ibi tẹ́ ẹ fi ń sún atọ́ka wú sókè, bátìrì ti wú, ìyẹn lè gbiná, ẹ máa lọ.

Ṣájà, ẹ má kì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ideri, àpò iwájú ni kó wà. Ẹ sì pa láptọ́ọ̀pù pátápátá kẹ́ ẹ tó kì í sínú bààgì, pípa ideri nìkan ò tó, ó lè máa gbóná nínú ibẹ̀.

Ti àtijọ́ ọ̀hún ṣì wà nílé. Mo tú ideri ẹ̀ dànù, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ fi ń wo bọ́ọ̀lù.